Àwòrán tó ń ṣókùnkùn lọ́sàn-án

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Kubwa ní Abuja là ń gbé. Tẹlifíṣọ̀n wa jẹ́ íńṣì 43, kò tíì pé ọdún kan tá a rà á. Tó bá ti di aago mẹ́ta ọ̀sán báyìí, àwòrán rẹ̀ á ṣókùnkùn, fèrèsé pálọ̀ la máa ń rí lójú rẹ̀. Mo gbé Brightness dé 100, ńṣe ló tún wá rí bí eérú. Ṣé iná inú rẹ̀ ló ń kú ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u o. Tó bá di alẹ́, ẹ pa gbogbo iná pálọ̀, kí ẹ tan tẹlifíṣọ̀n náà. Bí àwòrán bá mọ́ kedere láti igun dé igun, kò sóhun tó ṣe iná inú rẹ̀. Ìgbà tí iná inú bá ń kú lóòótọ́, apá kan á ṣókùnkùn ju apá kejì lọ, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ó sì máa rí i tọ̀sán-tòru.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tẹlifíṣọ̀n kì í tan dúdú jáde. Níbi tí àwòrán bá ti dúdú, iná ni kò gba ibẹ̀ kọjá. Tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bá wá bọ́ síbẹ̀, tó sì ta padà sójú yín, ibẹ̀ kò dúdú mọ́. Ìdí nìyẹn tí ojú òṣèré tí wọ́n yà lóru fi ń pòórá lọ́sàn-án, tí aṣọ funfun ọrùn rẹ̀ sì ṣì ń hàn.

Lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, Brightness kì í fi kún iná. Ibi dúdú ló ń gbé sókè. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé Brightness gan-an ni iná wọn, ṣùgbọ́n eérú tẹ́ ẹ rí yẹn fi hàn pé tiyín kò sí lára wọn. Ẹ dá a padà sí 50. Ẹ wá Backlight nínú Picture, òun ni iná gan-an, kí ẹ gbé e sí 90 sí 100 lọ́sàn-án. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Eco Mode tàbí Power Saving sí, kí ẹ pa á, torí òun náà máa ń dín iná kù láìsọ fún yín. Lálẹ́, ẹ dá Backlight padà sí nǹkan bí 40. Ooru iná tó wà lókè pátápátá ní gbogbo ìgbà ló ń tètè pa àwọn gílóòbù kéékèèké inú rẹ̀, ó sì ń jẹ bátìrì íńfátà.

Ibi tó wà ló ṣe pàtàkì jù, torí kò sí Backlight tó lè bá oòrùn aago mẹ́rin díje. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n náà lọ́sàn-án, kí ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ máa ń jókòó, kí ẹ wò ó bí ẹni ń wo dígí. Ohun tó bá ń tàn nínú rẹ̀ ló ń ba àwòrán jẹ́.

Mo ṣe irú ẹ̀ fún ìdílé kan ní Gwarinpa. Ìwọ̀ oòrùn ni fèrèsé wọn kọjú sí, ògiri tó dojú kọ ọ́ gan-an ni wọ́n fi tẹlifíṣọ̀n kọ́. A gbé e lọ sára ògiri ẹ̀gbẹ́, kí fèrèsé lè wà lápá òsì ẹni tó ń wò ó. Bàbá ilé ti kọ́kọ́ fẹ́ ká gbé e sábẹ́ fèrèsé náà, mo ní rárá: ìmọ́lẹ̀ tó bá wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n á mú kí ọmọlójú súnkì, àwòrán á tún ṣókùnkùn sí i. Lẹ́yìn tá a gbé e, a ṣì ń rí gílóòbù àjà lójú rẹ̀. Mo tú súkúrù háńgà díẹ̀, mo tẹ orí tẹlifíṣọ̀n síwájú bí ìka méjì, gílóòbù náà sì kúrò. Táìsì funfun ló wá kù tó ń tàn nísàlẹ̀, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ dúdú sí i.

Bí ẹ kò bá lè gbé tiyín kúrò, bóyá nítorí onílé kò fẹ́ kí wọ́n lu ògiri, kọ́tìnì ló kù. Kì í ṣe léèsì funfun o. Oòrùn á tàn sára léèsì náà, gbogbo rẹ̀ á wá di pátákó ìmọ́lẹ̀ ńlá, tó máa gba ojú tẹlifíṣọ̀n ju fèrèsé lásán lọ. Aṣọ tó nípọn, tí wọ́n fi aṣọ dúdú tẹ́ lẹ́yìn, ni kẹ́ ẹ rà.

Tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ẹ tún pa á, kí ẹ wò ó bí dígí ní oṣù Kejìlá. Ní Abuja, oòrùn ìgbà ọyẹ́ máa ń wọ̀ sápá gúúsù ju ti oṣù Kẹfà lọ, torí náà ó lè gba igun mìíràn wọlé.