Gbígbó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò lára ìbẹ́pẹ, kì í ṣe pípọ́n

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ìbẹ́pẹ tó pọ́n yòò látòkè délẹ̀ ni mo máa ń rà, ṣùgbọ́n tí mo bá gé e, inú rẹ̀ á le, á sì tẹ́ lẹ́nu. Ẹnìkan ní kí n kúkú máa ra tútù, kí n fi ọ̀bẹ fa èèpo rẹ̀ kí oje lè jáde, kí n wá rì í sínú ìrẹsì títí yóò fi dùn. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó dáa?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká ti orí ọ̀bẹ àti ìrẹsì yẹn bẹ̀rẹ̀, nítorí gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí, inú sì máa ń bí mi sí àwọn tó ń tan ìmọ̀ràn náà kiri. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe nílé tí yóò fi ṣúgà kún ìbẹ́pẹ tí wọ́n já kó tó gbó. Kò sí rárá.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń tan yín jẹ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bẹ́ ní tútù ti kó sítáàṣì sára, bó sì ṣe ń pọ́n nílé ni sítáàṣì yẹn ń di ṣúgà. Ìbẹ́pẹ kì í kó sítáàṣì tó nǹkan pamọ́. Ewé igi rẹ̀ ló ń ṣe ṣúgà ránṣẹ́ sí i, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì máa ń wọlé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kẹ́yìn kí èso náà tó gbó. Níbi tí ooru bá wà, láti ìgbà òdòdó títí di ìgbà gbígbó máa ń tó nǹkan bí oṣù 5. Ẹni tó bá kánjú já a ti dí ọ̀nà ṣúgà nìyẹn. Lẹ́yìn náà, èèpo lè yí àwọ̀ padà, ara rẹ̀ lè rọ̀, rírọ̀ yẹn sì lè mú kó jọ pé adùn rẹ̀ pọ̀ sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n ṣúgà tó bá gbé kúrò lórí igi náà ni yóò bá dénú àwo yín.

Kí ló wá dé tí ọ̀bẹ fi ń jọ oògùn lójú ẹni tó bá lò ó? Èso tó bá fara gbọgbẹ́ máa ń tú gáàsì kan tó ń jẹ́ ẹ́tílíìnì jáde, gáàsì yìí kan náà sì ni èso fi ń mú ara rẹ̀ pọ́n. Nítorí náà, àwọ̀ rẹ̀ á tètè yí. Àwọ̀ yẹn ni wọ́n rí tí wọ́n fi ń pariwo. Wọn kò sọ fún yín pé ojú ọgbẹ́ yẹn ni jíjẹrà ń gbà wọlé. Ìrẹsì ní tirẹ̀ kàn ń sé gáàsì náà mọ́ èso lára ni. Ó lè mú kí ìbẹ́pẹ tó ti gbó yára pọ́n, àpò bébà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kan yóò sì ṣe iṣẹ́ kan náà. Kò ní sọ èyí tí kò gbó di dídùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tiyín tó pọ́n yòò kò jìnnà sí èyí. Bí wọ́n bá já ìbẹ́pẹ láìgbó, tí wọ́n sì fi gáàsì fipá mú un pọ́n, èèpo rẹ̀ á yí àwọ̀ kí ara rẹ̀ tó rọ̀. Kábáìdì ni àwọn kan ń lò, ó sì lè ní àwọn èròjà olóró bíi ásẹ́níìkì nínú. N kò lè fi ojú lásán sọ pé kábáìdì ni wọ́n lò sí èyí tí ẹ rà, ẹ̀yin náà ẹ má fi ẹ̀sùn kan ọlọ́jà nítorí àwọ̀ nìkan. Àmọ́ bí ìbẹ́pẹ bá pọ́n dọ́gba látòkè délẹ̀, tó le bí òkúta, tí kò sì rùn rárá, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wo bí èyí tó gbó ṣe ń pọ́n. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibi ṣóńṣó tí òdòdó wà tẹ́lẹ̀, ni àwọ̀ ti ń kọ́kọ́ yí. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi mélòó kan á jáde níbẹ̀, wọ́n á máa fẹ̀, wọ́n á sì máa gùn lọ sókè síhà ọrùn, níbi tí wọ́n ti já a. Ọrùn ló máa ń pọ́n kẹ́yìn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ dojú ìbẹ́pẹ dé kí ẹ tó dúnàá-dúrà: bí ẹ bá rí ilà náà ní ìsàlẹ̀, ó ti gbó, kódà kí gbogbo ara tó kù ṣì tutù. Bí ìsàlẹ̀ bá tutù minimini, ẹ má rà á fún jíjẹ ní pípọ́n.

Ọwọ́ ló kàn. Ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó yẹ kó wúwo ju bí ẹ ṣe fojú dá a lọ. Ẹ má fi àtàǹpàkò gún un, nítorí ibi tí ẹ bá gún yóò dúdú lọ́la, ẹlòmíràn ni yóò sì rà á. Gbogbo ìka ni kí ẹ fi dì í mú, kí ẹ fún un jẹ́jẹ́. Èyí tó pọ́n yóò gba ọwọ́ díẹ̀, yóò sì padà sípò. Bí ọwọ́ bá rì wọlé tí kò padà, ó ti rọ̀ jù.

Ọrùn ni kí ẹ ti gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó pọ́n máa ń ta sánsán díẹ̀ níbẹ̀. Òórùn kíkan bíi ti ọtí túmọ̀ sí pé inú rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má retí òórùn lára èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ilà.

Ká sọ pé ọ̀la ni ẹ fẹ́ jẹ ẹ́, tí mẹ́ta sì wà níwájú yín. Àkọ́kọ́ pọ́n dọ́gba, ó le, kò rùn. Èkejì pọ́n láti ìsàlẹ̀ dé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ọrùn rẹ̀ ṣì tutù, ó gba ọwọ́ díẹ̀, ó ti ń ta sánsán. Ẹ̀kẹta tutù, ilà méjì péré ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èkejì ni tiyín. Bó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ni ẹ fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ mú ẹ̀kẹta. Bí ọjọ́ 3 sí 5 ló máa gbà nínú ilé tí kò gbóná jù. Àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì gbé ẹ̀kẹta sínú fíríìjì kó tó pọ́n: òtútù tó bá lọ sílẹ̀ ju bíi 10°C lọ yóò dí pípọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, èèpo rẹ̀ á sì máa jin kòtò wẹ́wẹ́.

Àmì dúdú tí kò jìn àti oje gbígbẹ lára èèpo kò ba inú jẹ́. Ojú ibi tó jìn wọlé, tó rí róbótó, tó sì tutù bíi pé omi wà lábẹ́ rẹ̀, ni kí ẹ sá fún. Jíjẹrà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bí ẹ bá gé e délé, ẹ wo kóró rẹ̀. Dúdú ló yẹ kó jẹ́. Bó bá funfun, wọn kò jẹ́ kó gbó rárá, ẹ sè é bí ẹ̀fọ́ tàbí kí ẹ sọ ọ́ nù. Kí aboyún má jẹ èyí tí kò pọ́n láìbi dókítà rẹ̀, nítorí oje funfun yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹni tí rọ́bà máa ń yún lára ṣe.