Ìkíni àti ọ̀rọ̀ ìparí nínú ímeèlì sí ọ̀jọ̀gbọ́n ilẹ̀ Jámánì

«Mo fẹ́ kọ ímeèlì lédè Jámánì sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí n kò bá pàdé rí. Báwo ni kí n ṣe kí wọn, kí ni kí n sì fi parí rẹ̀?»

Nígbà tí èmi kọ irú ímeèlì yìí ní àkọ́kọ́, «Hallo» àti orúkọ àbísọ ni mo fi kí ọ̀jọ̀gbọ́n náà, nítorí pé níbi iṣẹ́ tí mo ti ń bọ̀, orúkọ àbísọ ni a fi ń pe ọ̀gá pàápàá. Mo tún fi «Liebe Grüße» parí rẹ̀, láìmọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí ló sábà máa ń kọ ọ́ síra wọn. Wọ́n fèsì lọ́jọ́ kejì. Wọn kò bá mi wí rárá, ṣùgbọ́n «Sehr geehrter Herr» àti orúkọ ìdílé mi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi «Mit freundlichen Grüßen» parí. Mo rí i kedere pé wọ́n ti dá mi padà sí àyè mi. N kò kọ ẹ̀bẹ̀ gígùn. Mo kàn tún ìkíni mi ṣe nínú ímeèlì tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ kọ «Sehr geehrter Herr Professor». Tó bá jẹ́ obìnrin, «Sehr geehrte Frau Professorin». Orúkọ ìdílé ló máa tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá tún ní oyè dókítà, oyè tó ga jù nìkan ti tó nínú ìkíni. Ẹ fi kọ́má sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀ ìlà tó kàn, àfi bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ tàbí «Sie». Kọ́má kì í sí lẹ́yìn «Mit freundlichen Grüßen». Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni, «Guten Tag» àti orúkọ wọn lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú.

Ibi tí ó ṣòro jù ni mímọ ìgbà tí èèyàn lè rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. «Sie» àti «du» jọ «ẹ» àti «o» tiwa: ẹni tó jẹ́ àgbà ló máa ń fúnni láyè láti kúrò nínú èkíní bọ́ sí èkejì. Bí wọ́n bá kọ «Lieber Herr» tàbí «Liebe Frau» sí yín, tí wọ́n sì fi «Viele Grüße» parí, ẹ̀yin náà lè lo «Lieber Herr Professor» tàbí «Liebe Frau Professorin» àti «Viele Grüße», ṣùgbọ́n «Sie» ṣì wà níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó rò pé «Liebe» túmọ̀ sí pé ó ti lè pe orúkọ àbísọ, àṣìṣe ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo sọ yìí kò fún mi láyè «du» títí iṣẹ́ wa fi parí, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa.