Orin tó ń fò nínú ìpolówó fíìmù

Ìbéèrè: "Ẹ̀yin ará, ìran márùn-ún ti parí nínú fíìmù kúkurú ẹgbẹ́ wa. Mo gé díẹ̀díẹ̀ lára wọn, mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀ láti fi ṣe ìpolówó oníṣẹ́jú kan, àmọ́ ńṣe ni orin ń fò bíi rédíò tí ọmọdé ń yí kiri. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kì í ṣe ibi tí ẹ ti gé e ló bà á jẹ́. Ìran tó bá ti parí, orin rẹ̀ ti wọnú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré bí iyọ̀ tó yọ́ sómi. Bí ẹ bá gé gbólóhùn kan jáde, ẹ ti já orin tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà láàárín. Ojú a máa gba àwòrán tó yí lójijì, àmọ́ etí kì í fojú fo orin tó já.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó gé àwọn ìran yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ ní kó yọ ohùn ìran kọ̀ọ̀kan fún yín ní fáìlì WAV mẹ́ta: ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, orin nìkan, àti ariwo bíi ti ilẹ̀kùn àti ẹsẹ̀. Kí fáìlì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìran ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, kó sì gùn tó ìran náà, kódà bí apá kan nínú rẹ̀ bá dákẹ́. Bí ó bá gé ìdákẹ́jẹ́ iwájú kúrò, ọ̀rọ̀ á ṣáájú ẹnu, ẹ̀yin lẹ óò sì máa fi ojú wá ibi tí wọ́n ti bára mu.

Bí fáìlì iṣẹ́ tó fi gé àwọn ìran yẹn bá ti sọnù, tí kò sì lè yọ ohùn wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́, ẹ dijú, kẹ́ ẹ gbọ́ gbogbo ìran látòkè délẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ àkókò gbólóhùn tí kò sí orin lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí a sábà máa ń pa orin níbẹ̀. Èyí tí orin wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹ kò sì lè ṣe aláìlò, ẹ jẹ́ kí ariwo ńlá kan parí rẹ̀, bíi ilẹ̀kùn tí wọ́n gbá, kí àwòrán ṣú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Etí á gbà pé ilẹ̀kùn ló pa orin.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tò, láìsí àwòrán. Ká ní fíìmù yín jẹ́ 20 ìṣẹ́jú, ó dá lórí ẹ̀gbọ́n tó ta ilé bàbá wọn láìjẹ́ kí àbúrò gbọ́. Ẹ lè to gbólóhùn márùn-ún báyìí: àbúrò lẹ́nu ọ̀nà, "Ta ló pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé yìí?" Aládùúgbò, "Wọn ò tíì sọ fún ẹ ni?" Ẹ̀gbọ́n, "Jẹ́ kí Bàbá sinmi." Ìyá, "Èmi ni mo bí ẹ̀yin méjèèjì." Àbúrò, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé ilé dà?" Nínú fíìmù, aládùúgbò àti ẹ̀gbọ́n lè má pàdé rárá, àmọ́ níbí wọ́n ń dá ara wọn lóhùn. Kò sì sẹ́ni tó sọ pé wọ́n ti ta ilé. Ìdá kan nínú mẹ́ta tó kẹ́yìn fíìmù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Gbólóhùn márààrún kò ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú àáyá lọ nínú 60. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ìdajì, ẹ ti ń sọ ìtàn náà tán.

Orin kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ wá tẹ́ sábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 12 dB níbi tí ọ̀rọ̀ bá wà, kó sì ti máa lọ sílẹ̀ ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ẹ pa á pátápátá ṣáájú "Ìwé ilé dà?", kí ìṣẹ́jú àáyá kan kọjá. Àmọ́ ẹ má fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, torí òfìfo gidi máa ń dà bí ìgbà tí fóònù kú. Ẹ wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ̀rọ̀ nínú ìran yẹn gan-an, kẹ́ ẹ gé ariwo yàrá náà lásán síbẹ̀. Ẹ tún ka ìwé àṣẹ orin yẹn dáadáa: àṣẹ láti lò ó nínú fíìmù lè má kan ìpolówó.

Àwòrán ló kù. Ẹ jẹ́ kí ohùn wọlé ní bíi fẹ́rémù 10 sí 12 kí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó yọ. Ìyẹn ló máa ń so ìran méjì tí kò mọ ara wọn pọ̀. Orúkọ fíìmù, ọjọ́ àti ibi tí ẹ ó ti fi hàn, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú àáyá 4 tàbí 5, kí ẹni tó bá kà wọ́n sókè lè kà á tán. Níkẹyìn, orí fóònù ni kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ, láìlo gbohùngbohùn etí. Ọ̀rọ̀ tó bá sọnù níbẹ̀, orin ló bò ó. Ẹ tún fi 3 dB rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.