Ìlà tó já àti ọ̀rọ̀ tó lẹ̀ mọ́ra nínú ohun tí a kọ́pì láti inú PDF

Mo kọ́pì ìwé àdéhùn ilé kan ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta láti inú PDF sínú Word. Ìlà ń já láàárín gbólóhùn, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì lẹ̀ mọ́ra. Báwo ni mo ṣe lè tún un ṣe?

Ẹ tẹ Ctrl+H, kí ẹ rọ́pò `^p^p` pẹ̀lú `##` kí ìpínrọ̀ má baà pa rẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ rọ́pò `^p` pẹ̀lú àlàfo kan, kí ẹ sì dá `##` padà sí `^p`. Bí kò bá sí ìlà òfìfo láàárín ìpínrọ̀, ẹ fọwọ́ tẹ `##` sí òpin ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo àdéhùn náà yóò di ìpínrọ̀ kan ṣoṣo.

Ṣáájú èyí, ẹ wá `-^p`, kí ẹ fi àpótí Replace with sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe tẹ Replace All, nítorí bí «Ẹ̀bùté-» bá wà ní ìparí ìlà, tí «Mẹ́ta» sì bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e, yóò di «Ẹ̀bùtéMẹ́ta».

Ti ọ̀rọ̀ tó lẹ̀ mọ́ra ló gba sùúrù jù. Nínú PDF, àlàfo lè má jẹ́ àmì kankan rárá, ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn ti ọ̀rọ̀ kejì síwájú díẹ̀ ni, ìdí nìyí tí «ayálégbé yóò san» fi ń di «ayálégbéyóòsan». Wíwá `.^$` yóò fi ibi tí gbólóhùn méjì ti lẹ̀ mọ́ra hàn yín, ṣùgbọ́n àwọn tó kù, àfi kí ẹ ṣí PDF náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ kà wọ́n pọ̀, pàápàá níbi tí iye owó wà.