VPN kan náà, píńgì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀nà tí dátà gbà ló fà á

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà, fáíbà ni mo ń lò nílé. Bí mo bá ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù mi lórí sáfà Johannesburg, píńgì mi máa ń wà ní 260. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lo VPN. Mo yan South Africa, ló bá já wálẹ̀ sí 115. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá pa VPN yẹn kí n tó wọ géèmù oníbọn mi tí sáfà rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, 105 tí mo máa ń rí tẹ́lẹ̀ á di 270. Ṣé VPN ń dín píńgì kù ni, àbí ó ń dá kún un?

Ìdáhùn: Méjèèjì ló ń ṣe, àbúrò mi, ohun kan náà ló sì fà á: ọ̀nà tí dátà rẹ ń gbà. VPN kàn ń gbé dátà rẹ gba sáfà tirẹ̀ kọjá kó tó dé géèmù ni, kì í mú un sáré. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé e nínú okùn fáíbà ní eré tirẹ̀, nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sì sí ápù tó lè fi kún un. Píńgì ni iye mìlísẹ́kọ́ńdì tí dátà fi ń lọ dé sáfà tí ó sì fi ń padà, ó ń ka àlọ àti àbọ̀ pọ̀, nítorí náà, gbogbo 100 kìlómítà okùn tó wà láàárín ìwọ àti sáfà yóò jẹ mìlísẹ́kọ́ńdì 1. Fi ìṣirò yìí sọ́wọ́, a ó lò ó.

Láti Èkó sí Johannesburg, bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, kò ju nǹkan bí 4,500 kìlómítà lọ. Okùn kì í fò bí ẹyẹ. Yóò gba abẹ́ òkun lẹ́bàá etíkun Áfíríkà títí dé agbègbè Cape Town, kó tó wá gba orí ilẹ̀ lọ sí Johannesburg. Ká tilẹ̀ fi gbogbo rẹ̀ sí 8,000 kìlómítà, mìlísẹ́kọ́ńdì 80 ni. Fi ti Ìbàdàn sí Èkó kún un, fi ti àwọn ráútà ojú ọ̀nà kún un, 100 sí 115 ni ó yẹ kí o máa rí. 260 tí o ń rí ń sọ fún wa pé dátà rẹ kò gba ibẹ̀ rárá. Ó ti kọ́kọ́ lọ kí àwọn ará Yúróòpù.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, wò ó fúnra rẹ. Pa VPN. Bí géèmù bá ń lọ lọ́wọ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ, ṣí `resmon`, lọ sí `Network`, wá orúkọ géèmù náà, wàá rí àdírẹ́sì tó ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ṣí `cmd`, kí o tẹ `tracert` àti àdírẹ́sì yẹn. Àpẹẹrẹ ohun tí irú ìṣòro tìrẹ máa ń gbé jáde nìyí:

```
tracert 203.0.113.20
 3    8 ms    7 ms    8 ms  ge0.los.example.net
 4   98 ms   97 ms   98 ms  ae2.lon.example.net
 5    *       *       *     Request timed out.
 6  258 ms  257 ms  259 ms  ae5.jnb.example.net
```

Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ráútà kan lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń bójú tó ráútà sábà máa ń fi ìkékúrú orúkọ ìlú sínú orúkọ rẹ̀: `los` ni Èkó, `lon` tàbí `lhr` ni Lọ́ńdọ̀nù, `jnb` ni Johannesburg, `cpt` ni Cape Town. Wo bí iye náà ṣe fò láti 8 lọ sí 98: òkun ló gùn níbẹ̀ yẹn, láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Láti 98 lọ sí 258, ó tún gun òkun padà wá sí ìsàlẹ̀ Áfíríkà. Okùn WACS tó so South Africa mọ́ Bìrìtìkó ń lọ sí bí 14,500 kìlómítà, nítorí náà, 160 tó jẹ ní apá kejì yẹn kò yani lẹ́nu. Ní ti àwọn ìràwọ̀ tó wà ní ìlà 5, má jẹ́ kí wọ́n já ọ láyà. Ráútà náà kàn kọ̀ láti dáhùn ni, dátà ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí wàhálà. Bákan náà, bí ìlà kan láàárín bá ga tí àwọn tó tẹ̀ lé e sì lọ sílẹ̀, kì í ṣe ìṣòro. Fífò tó dúró títí dé òpin nìkan ni kí o kà sí.

Kí ló dé tí wọ́n á fi gbé dátà rẹ gba Lọ́ńdọ̀nù? BGP, ìyẹn ìlànà tí àwọn ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń sọ fún ara wọn ibi tí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan wà, kì í wo aago. Kò mọ mìlísẹ́kọ́ńdì. Ohun tí ilé-iṣẹ́ rẹ bá pàṣẹ fún un ló kọ́kọ́ ń tẹ̀ lé, àṣẹ yẹn sì sábà máa ń jẹ́ ti owó: aládùúgbò wo ni a ti ra ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, èwo ni a jọ ń ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn èyí ló tó máa ka iye ilé-iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà, ó sì lè ka ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó gbé ọ gba ilẹ̀ Yúróòpù sí ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà ra ọ̀nà tó fẹ̀ dáadáa lọ sí Yúróòpù, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí à ń wò wà, wọn kò sì ra tó bẹ́ẹ̀ lọ sí gúúsù. Awakọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ Abẹ́òkúta ló gba Èkó kọjá yẹn, nítorí pé Èkó ni ọ̀gá rẹ̀ ti sanwó gáréèjì.

VPN wá wọ̀ ọ́. Bí o bá ti tan án, ilé-iṣẹ́ rẹ kò rí àdírẹ́sì géèmù mọ́. Àdírẹ́sì sáfà VPN nìkan ló ń rí. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ni àdírẹ́sì yẹn, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀nà tí wọ́n ní síbẹ̀ gba okùn etíkun tààrà, bí i WACS tàbí Equiano tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022. Bí dátà bá ti dé Johannesburg, sáfà VPN àti sáfà géèmù lè má ju mìlísẹ́kọ́ńdì 1 tàbí 2 síra wọn, torí pé ìlú kan náà ni wọ́n ti ń pàdé ara wọn ní ibùdó ìpàṣípààrọ̀ bí NAPAfrica. Ibẹ̀ ni 115 rẹ ti wá.

Ìwọ náà ti lè rí ti Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Ọ̀nà ilé-iṣẹ́ rẹ sí Lọ́ńdọ̀nù dára tẹ́lẹ̀, 105. VPN wá ní ó di dandan kí dátà kọ́kọ́ lọ sí Johannesburg, 115, kó tó gòkè lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, bí 155. Ìṣirò yẹn dé 270 gan-an.

Nítorí náà, kí o tó sanwó VPN kankan, pa á, kí o fi `ping -n 50` wọn ìrìn rẹ dé àdírẹ́sì sáfà VPN náà. Bí iye yẹn nìkan bá ti tó tàbí ju píńgì géèmù rẹ lọ, dá owó rẹ dúró, kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Bí ó bá kéré dáadáa, tan án, wo píńgì inú géèmù. Ohun tó fi ju ti sáfà VPN lọ ni ìrìn láti ibẹ̀ dé géèmù. Tí èyí bá ju 10 lọ nígbà tí wọ́n ní ìlú kan náà ni méjèèjì wà, yan sáfà mìíràn. Wọ́n sì máa ń kọ orúkọ ìlú sórí sáfà tí kò sí níbẹ̀: èyí tí ápù pè ní Èkó tó ń fún ọ ní 90 láti Ìbàdàn, kò sí ní Èkó, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí i.

Apá kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, ìyẹn àbọ̀. Ọ̀nà tí dátà gbà lọ kì í ṣe dandan kó jẹ́ èyí tí yóò gbà bọ̀. Ilé-iṣẹ́ rẹ ló ń yan àlọ, ilé-iṣẹ́ tó gba sáfà géèmù sílé ló ń yan àbọ̀, àwọn náà sì ní aládùúgbò tiwọn tí wọ́n ń sanwó fún. Ó ṣeé ṣe kí tìrẹ gbé e lọ tààrà kí tiwọn sì dá a padà nípasẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí wàá fi mọ̀ ni pé `tracert` kò ní fi orúkọ ìlú Yúróòpù kankan hàn, láti `los` yóò kàn bọ́ sí `jnb`, síbẹ̀ iye rẹ̀ á wà ní nǹkan bí 180. Ilé-iṣẹ́ rẹ lè fi ojú lásán wo àlọ kí wọ́n ní kò sí ìṣòro. VPN ń wo èyí náà sàn, torí pé àdírẹ́sì VPN ni sáfà géèmù ń dá lóhùn, kì í ṣe tìrẹ.

Níbi tí VPN kò ti lè ṣe nǹkan kan ni ìrìn àkọ́kọ́ láti ilé rẹ. Bí ìlà 1 nínú `tracert` bá ń fò láti 3 sí 80, Wáífáì rẹ ni. Bí ẹnì kan nílé bá ń wa fídíò ńlá lọ́wọ́ tí píńgì sì ga, dátà ti tò síbi ráútà rẹ, VPN yóò kàn tò sẹ́yìn pẹ̀lú wọn ni. Kò sì lè dá okùn tuntun sílẹ̀: ní oṣù kẹta 2024, nígbà tí WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ létíkun Côte d'Ivoire lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí VPN rẹ̀ ń gba inú àwọn okùn yẹn kò bọ́. Àwọn géèmù kan náà wà tí ó ti ní ọ̀nà tirẹ̀. Counter-Strike 2 àti Dota 2 ń gba inú ráútà Valve fúnra wọn, nítorí náà, èrè tí VPN ń mú wá níbẹ̀ kì í sábà tó nǹkan.

Nínú ápù VPN, níbi tí wọ́n ti ń yan ìlànà ìsopọ̀, yan WireGuard. Bí OpenVPN nìkan ló bá wà, rí i pé UDP ló wà lórí rẹ̀. TCP yóò dá gbogbo dátà tó ń bọ̀ dúró nígbàkigbà tí ẹyọ kan bá sọnù, nínú géèmù, ìyẹn ni wàá rí bí ìgbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù dì pa tí wọ́n sì fò lójijì.

Ní ti géèmù rẹ méjèèjì, kò sídìí tí wàá fi máa tan VPN, tí wàá tún máa pa á. Ọ̀pọ̀ ápù ní bọ́tìnì tí wọ́n kọ `Split tunneling` sí: tò ó kí géèmù bọ́ọ̀lù nìkan máa gba inú VPN. Bí WireGuard tí o tò fúnra rẹ lo ń lò, ìlà yìí ni wàá yí padà:

```
AllowedIPs = 203.0.113.0/24
```

Fi àdírẹ́sì tí o rí nínú `resmon` rọ́pò èyí, ṣùgbọ́n fi `0/24` rọ́pò nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ kó lè gba àwọn aládùúgbò rẹ̀ mọ́ra, torí pé sáfà lè yí padà láti ìdíje kan sí òmíràn. Bí píńgì bá tún fò padà sí 260 lójijì, wo `resmon`, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé ọ lọ sí àdírẹ́sì tí kò sí nínú ìlà yẹn. Fi tuntun náà kún un, kí o fi kọ́mà pín wọn.