Ẹ ka ọjà náà nígbà tí Màmá ṣì lè sọ̀rọ̀

Ìbéèrè: Ìyá mi ti pé ọdún 74, wọ́n ṣì ń ta aṣọ ní Gbági Tuntun n'Íbàdàn. Ó ti di ọdún 9 tí àbúrò mi obìnrin ti ń bá wọn jókòó níbẹ̀. Kánádà ni èmi àti àwọn ọmọ mi wà, mo sì máa ń fowó ránṣẹ́ fún ọjà. Màmá ti ní kí a máa múra láti gba ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀yin òbí tí irú rẹ̀ ti kàn, ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ tí kò fi ní dìjà?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ọ̀rọ̀ owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ gún mi láyà, torí èmi náà fi ránṣẹ́ láti Bámíńgámù fún ọdún 11.

Gbági kan náà ni ìyá tèmi ti ń ta àǹkárá àti léèsì. Àbúrò mi ọkùnrin fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ láti wà lọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ kan àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, ahọ́n wọn wúwo. Wọ́n mọ gbogbo wa, wọ́n ń gbọ́ ohun tí a ń sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò jáde. Ọjọ́ yẹn la mọ̀ pé orí wọn ni ìwé ṣọ́ọ̀bù wà: àwọn tó jẹ wọ́n lówó, àwọn tí wọ́n jẹ, iye tí wọ́n ra ìgàn kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wọn nìkan ló wà lórí àkáńtì. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ò lè fọwọ́ sí ìwé mọ́, báńkì ò sì dá wa lóhùn.

Mo wọ bàálù délé, mo sì ka ọjà. Oṣù kan ṣáájú, èmi àti ìyá wa ti jọ kà á lórí fóònù, iye tí wọ́n fi ra gbogbo rẹ̀ jẹ́ 6,000,000 náírà. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n tún ra ti 2,000,000 wọlé. Nígbà tí mo dé, ti 5,500,000 ló kù nílẹ̀, a jẹ́ pé ọjà 2,500,000 ti jáde. Náírà 20 lórí 100 ni èrè wa, nítorí náà 3,000,000 ló yẹ kó wọlé. Owó tí mo rí jẹ́ 1,900,000. Ó ku 1,100,000.

Mo pe ìpàdé ẹbí. Níwájú àbúrò bàbá wa, mo bi àbúrò mi pé níbo ló kó owó ìyá wa sí. Mo pè é ní olè. Kò fèsì. Ó kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé orí tábìlì, ó sì jáde.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ohùn ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í padà, díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníbàárà wọn jẹ wọ́n ní àwìn 700,000, ẹ̀yìn páálí ni wọ́n kọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sí. Wọ́n ti mú 300,000 nínú owó ọjà fún oògùn wọn àti owó ilé-ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin. 100,000 péré ni kò sí ẹni tó lè sọ ibi tó lọ, owó mọ́tò àti ti alábàárù sì lè gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù kan. Àbúrò mi ò jalè. Ó ti ń ta ọjà tirẹ̀ ní Alẹ́sinlóyè báyìí. Ó ń kí mi dáadáa bí mo bá pè é, kò sì fìgbà kan pè mí rí. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo ṣì máa ń jí lóru ronú sí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí náà, kíka ọjà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pípín. Ẹ yan ọjọ́ Àìkú kan tí ọjà ò ṣí. Kí àbúrò yín máa ka ìgàn, kí ẹlòmíì máa kọ ọ́, kí Màmá máa dárúkọ iye tí wọ́n rà á. Iye tí a rà á ni ẹ ó kọ, ẹ má kọ iye tí a fẹ́ tà á, torí oníbàárà lè ná an wálẹ̀ lọ́la. Kí ẹ ṣe é lóṣooṣù, kí ẹni tó ń tà má sì dá a kà. Èyí dáàbò bo òun gan-an ju bó ṣe dáàbò bo yín lọ. Ká ní a ti ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹnu mi ì bá má là lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ fi ojú ìwé kan sílẹ̀ fún àwìn: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́, iye tó kù. Ẹ fi òmíràn sílẹ̀ fún ohun tí ilé mú, títí kan yáàdì mẹ́fà tí Màmá bá fi ta aládùúgbò lọ́rẹ. Màmá lè bínú sí ti ìkejì yìí, ìyá wa bínú gan-an nígbà tí a dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ rọra ṣàlàyé pé a ò sọ pé kí wọ́n má mú, kíkọ la ń bẹ̀ wọ́n sí. Owó tí oníbàárà bá sì fi fóònù rán, kó má wọ àkáńtì àbúrò yín. Ibẹ̀ ni ìfura ti máa ń gbérí.

Ní ti àwọn ìwé, ẹ wo orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé ṣọ́ọ̀bù àti rìsíìtì rẹ̀ báyìí. Bí orúkọ Màmá nìkan bá wà lórí àkáńtì, bí báńkì bá ti gbọ́ pé wọ́n ti dolóògbé ni yóò tì í pa, títí ilé-ẹjọ́ gíga yóò fi fún ẹbí níwèé àṣẹ. Kí wọ́n fi àbúrò yín kún àwọn tó lè fọwọ́ sí i nítorí ọjọ́ àìsàn, àmọ́ ìyẹn nìkan ò ní kí báńkì má tì í pa bí wọ́n bá dolóògbé. Bóyá kí ẹ sọ ọ́ di kọ́ńpìnì tí kálukú ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀, agbẹjọ́rò ni kí ẹ bi. Àwa ò débẹ̀ kí nǹkan tó dàrú.

Ẹ sọ ohun tí owó yín jẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́: ṣé ọrẹ fún Màmá ni, àbí gbèsè, àbí ìpín? Mo rò pé ìdajì ṣọ́ọ̀bù ni mo ti rà. Ìyá wa rò pé ọmọ ń tọ́jú ìyá ni. Àbúrò mi rò pé owó ẹbí ni. Ẹnìkan ò parọ́ nínú wa.

Ọmọbìnrin mi ti pé 16. Ó mọ̀ pé ìyá-ìyá òun ń ta aṣọ, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyá mi tún ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde, Yorùbá ni, ọmọ mi ò sì gbọ́. Iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré, òru ni mo máa ń wọlé. Mi ò mọ ìgbà tí ǹ bá fi kọ́ ọ. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé àbúrò mi ì bá ti kọ́ ọ ní àwọ̀ àti orúkọ léèsì nínú ọlidé kan ṣoṣo, ká ní mo ṣì lè fi ọmọ ránṣẹ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ tó bá Màmá sọ ohunkóhun, ẹ pe àbúrò yín. Ọdún 9 láìsí owó oṣù tí a kọ sílẹ̀, gbèsè ni. Ẹ bi í pé kí ló rò pé ó tọ́ sí òun, kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi sọ ọ́ tán.