Bí a ṣe ń wá ìdógò àti ìyálówó nínú fáìlì ilé-iṣẹ́ ní CAC

Ìbéèrè: "Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé. Ilé-iṣẹ́ kan n'Íbàdàn tó ń ṣe gaàrí àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ fẹ́ kí n ra ìpín nínú òun. Wọ́n ní àwọn kò jẹ báńkì kankan. Mo wá orúkọ wọn lórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, mo rí ACTIVE. Ṣé ìyẹn tó? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n ti fi ilé àti ẹ̀rọ wọn yá owó?"

Ẹ kú àjò o. Kò tó rárá. ACTIVE tí ẹ rí lórí ìkànnì CAC ń sọ fún yín pé ilé-iṣẹ́ náà kò jẹ CAC ní ìwé ìròyìn ọdọọdún ni. Kò sọ ohunkóhun nípa gbèsè. Orúkọ, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tí a ń pè ní RC, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ni ojú ìwé ọ̀fẹ́ yẹn wà fún. Inú fáìlì gan-an ni ohun tí ẹ ń wá wà, owó díẹ̀ ni a sì fi ń ṣí i.

Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, tí a ń pè ní CAMA, sọ ní abala 222 pé bí ilé-iṣẹ́ bá fi ilẹ̀ rẹ̀, owó tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́, àmì òwò rẹ̀, tàbí gbogbo ohun ìní rẹ̀ pátá dógò, ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ìdógò náà sílẹ̀ ní CAC láàárín 90 ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Bí ọjọ́ bá kọjá, ìdógò náà di òfo lójú àwọn ayánilówó yòókù, àti lójú ẹni tí wọ́n bá yàn láti pín dúkìá ilé-iṣẹ́ náà bí ó bá wó. Gbèsè fúnra rẹ̀ kò parẹ́, kódà ó di sísan lójú ẹsẹ̀. Ohun tí báńkì pàdánù ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí dúkìá. Nítorí èyí, báńkì kì í dúró de ilé-iṣẹ́ kí ó tó fi ìwé náà sílẹ̀. Lọ́yà báńkì fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń sáré ṣe é. Ohun tó mú kí fáìlì náà ṣeé gbára lé fún ìbéèrè yín nìyẹn.

Ẹ gba lọ́yà tàbí aṣojú tí CAC fọwọ́ sí nílé, ẹni tí kò bá àwọn tó ń ta ìpín fún yín ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé sí i pé ohun méjì lẹ fẹ́: àkọ́kọ́ ni ìwé tó ń jẹ́ Status Report, èyí tí CAC ń fún ẹni tó bá béèrè nípa ilé-iṣẹ́ kan, èkejì ni ẹ̀dà gbogbo ìwé ìdógò tó wà nínú fáìlì, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjẹ́rìí CAC lára rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó fi àkọ́kọ́ nìkan dáhùn. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá sì ti pẹ́, ẹ sọ fún un pé kí ó béèrè fáìlì oníwèé pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe gbogbo ìwé àtijọ́ ló ti dé orí ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ ká ní ohun tó dé ọwọ́ yín kà báyìí: wọ́n dá ìdógò sílẹ̀ ní ọjọ́ 4 Oṣù Kẹta 2019, wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 20 Oṣù Karùn-ún 2019, iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 10 náírà, ohun tí wọ́n fi dógò ni gbogbo ohun ìní ilé-iṣẹ́, èyí tó wà lónìí àti èyí tí yóò wà lọ́la. Ẹ ka ọjọ́ náà: 77 ni, kò tíì pé 90, nítorí náà ìdógò náà dúró. Ká ní ọjọ́ 20 Oṣù Kẹfà ni wọ́n tó fi sílẹ̀ ni, yóò ti di ọjọ́ 108, a ó sì máa wá àṣẹ Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ tó fún wọn ní àfikún àkókò.

Irú ìdógò tó bo ohun gbogbo báyìí kì í dí ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ láti máa ra ẹ̀gẹ́ kí ó sì máa ta gaàrí lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ lè fi dé ọgbà wọn kí ẹ bá ẹ̀rọ lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ rò pé ọrùn wọn mọ́. Ọjọ́ tí wọn kò bá rí owó san mọ́ ni báńkì yóò yan ẹni tí yóò wá gba dúkìá, ẹ̀yin onípìn-ín yóò sì dúró lẹ́yìn báńkì.

Mílíọ̀nù 10 yẹn ni ó sì máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Owó òǹtẹ̀ ìjọba ń tẹ̀lé iye tí wọ́n bá kọ sínú ìwé, nítorí náà báńkì lè fi òǹtẹ̀ owó kékeré bẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi kún un nígbà tí gbèsè bá ń ga tàbí tí ìjà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá tún rí àkọsílẹ̀ mìíràn ní 2022 tó sọ iye náà di mílíọ̀nù 60 lórí ìdógò kan náà, gbèsè kejì kọ́ nìyẹn. Ìdógò ti 2019 ló gbòòrò sí i. Ẹ má sì gba iye tó wà lórí ìwé bí iye tó kù nílẹ̀. Lẹ́tà báńkì nìkan ló lè sọ iye tí wọ́n jẹ lónìí, ilé-iṣẹ́ náà ló sì gbọ́dọ̀ fún báńkì láṣẹ láti kọ ọ́ fún yín.

Ẹ ka ìwé ìdógò fúnra rẹ̀ tán, kì í ṣe àkópọ̀ rẹ̀ nìkan. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ó máa ń ní gbólóhùn kan tó sọ pé ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ pín ìpín tuntun tàbí yí àwọn tó ni ín padà láìgba ìwé àṣẹ báńkì. Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ìpín gan-an ni gbólóhùn yẹn ń bá wí.

Bí orúkọ báńkì tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ti báńkì tí kò sí mọ́, ìdógò náà kò tìtorí ìyẹn kú. Diamond Bank wọnú Access Bank ní 2019. Skye Bank fi àyè sílẹ̀ fún Polaris Bank ní 2018. Oceanic Bank sì wọnú Ecobank ṣáájú wọn. AMCON, àjọ ìjọba tó wà fún gbèsè báńkì tó bàjẹ́, náà ra ọ̀pọ̀ gbèsè tó bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn báńkì láti 2010. Ẹni tó jogún gbèsè náà lẹ ó kọ̀wé sí.

Bí fáìlì bá wá mọ́ láìsí ìdógò kankan, ẹ rántí 90 ọjọ́ yẹn: ìdógò tí wọ́n dá sílẹ̀ lóṣù tó kọjá lè má tíì dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ tún àyẹ̀wò ṣe ní kété tí ẹ bá fẹ́ san owó, kí àwọn dírẹ́kítọ̀ sì fọwọ́ sí i pé àwọn kò fi nǹkan kan dógò láàárín àkókò yẹn. Ẹ wá nọ́ńbà RC wọn ní ncr.gov.ng pẹ̀lú, níbi tí àwọn ayánilówó ń kọ ẹ̀rọ, ọkọ̀ àti ọjà tí wọ́n fi yá owó sí lábẹ́ òfin ti 2017. Ní ti ilẹ̀ n'Íbàdàn, kí lọ́yà yín lọ sí ilé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Gbèsè tí wọn kò fi ohunkóhun dógò fún kò ní hàn ní ibì kankan nínú gbogbo wọn, àfi nínú ìwé ìṣirò owó tí aṣàyẹ̀wò ti buwọ́ lù.

Bí wọ́n bá sọ fún yín pé àwọn ti san ti 2019 tán, ẹ béèrè ìwé ìtúsílẹ̀ tí báńkì fọwọ́ sí, kí ẹ sì rí i nínú fáìlì CAC pé wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀. Rìsíìtì tàbí ìwé ìṣirò báńkì tó kà òdo kò tó. Bí ó bá sì jẹ́ pé owó tiyín ni wọ́n fẹ́ fi san án, ẹ má fi lé ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́: kí ó ti ọwọ́ lọ́yà yín lọ tààrà sí báńkì, kí báńkì fi ìwé ìtúsílẹ̀ lé lọ́yà yín lọ́wọ́ nígbà kan náà, kí lọ́yà sì fi í sílẹ̀ ní CAC kí orúkọ yín tó wọ ìwé àwọn onípìn-ín.